«Ìyàwó Mi» Ní Ọ́fíìsì: Níbo Ni Àpárá Ti Ń Parí?

Kò sí ọ́fíìsì ní Ìbàdàn tí wọn kì í ti í dá àpárá. Ará Ìjẹ̀ṣà á wọlé láàárọ̀, wọ́n á ní òṣómàáló ti dé, kí onígbèsè sá. Òun náà á fún wọn lésì pé ẹni tó ń fi ìkarahun ìgbín fọ́rí mu kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bú rí èsì fọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sì gbà á mọ́ra.

Àpárá tó ń kọ wá lóminú ni ti «ìyàwó mi».

Nínú agbo ilé Yorùbá, obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé a máa pe gbogbo ọmọ tó bá nílé ní ọkọ, títí kan ìkókó tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Kì í pe orúkọ wọn. Á sọ ọ̀kan ní Akọ̀wé, á sọ òmíràn ní Adúmáadán, àwọn náà á sì máa pè é ní ìyàwó wa. Orúkọ ẹbí ni, ojú gbogbo ilé ló sì wà lára rẹ̀. Ọ́fíìsì kì í ṣe agbo ilé. Níbẹ̀, ẹni tó ń pe ọmọbìnrin ní ìyàwó lè jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìsinmi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ sì ń pè é ní ìyàwó mi. Ó rẹ́rìn-ín. Lóṣù kejì, ọ̀rọ̀ ti di «Ìyàwó mi, ìgbà wo lo máa wá sùn nílé ọkọ rẹ?» lójú gbogbo èèyàn. Lóṣù kẹta, ọ̀gá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Wọ́sáàpù ọ́fíìsì, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa ìbàdí rẹ̀ sábẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin náà ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.» Ọ̀gá ní, «Ṣé o ò mọ eré ni?» Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún pè é.

Ọ̀pọ̀ á ní ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ níbi fọ́tò. Lójú tiwa, oṣù kejì ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrò ní orúkọ ẹbí tó wọ yàrá ìbùsùn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀: ọ̀gá ń sọ «o», ọmọ ń dáhùn «ẹ». Ará Ìjẹ̀ṣà lè fọ èsì. Bí ọmọ yìí bá fọ tiẹ̀, aláfojúdi ni wọ́n á pè é. Ẹ̀rín tó rín lóṣù kìíní, ẹ̀rín ọ̀wọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kà á sí «mo gbà».

Òfin ti ṣáájú wa débẹ̀. Ìlànà ọdún 2017 ti ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí, ka ọ̀rọ̀ ẹnu àti àmì tàbí àwòrán mọ́ ohun tí a lè fi yọni lẹ́nu lọ́nà ìbálòpọ̀, kò fi mọ sórí ìfọwọ́kanni. «Mi ò fọwọ́ kàn án» kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà dẹ́bi fún ọ̀gá tó ń rin àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ó sì dẹ́bi fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí ọmọbìnrin náà kọ ọjọ́, ọ̀rọ̀ gan-an àti orúkọ àwọn tó gbọ́ sílẹ̀. Kó ya fọ́tò ojú Wọ́sáàpù kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kó fi lẹ́tà fẹjọ́ sùn, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wa nìyí. Wọ́n á pe àgbà kan, ọ̀gá á ní «má bínú», wọ́n á ní kí ọmọ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kò sí ìwé kankan. Láìpẹ́, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka mìíràn, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. A ta ko èyí pátápátá. Bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ọ̀gá ni.

A ò sọ pé kí wọ́n lé ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá a wí, tó sì ṣíwọ́. Èyí tí wọ́n bẹ̀, tó tún padà sí i, nìyẹn tọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ èèyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, tí òṣìṣẹ́ lè fẹjọ́ sùn láì gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń buwọ́ lu ìwé láàárọ̀.