Èlé ọjọ́ 14 kì í ṣe èlé ọdún

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Áàpù tó ń yáni lówó ń gba èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì ń gba 30. Áàpù ló dínwó jù."

Rárá o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ti báǹkì jẹ́ ti ọdún kan gbáko, ti áàpù jẹ́ ti ọjọ́ 14 péré. Ẹ wo àbúrò mi tó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo níbí. Ó yá ₦10,000, àmọ́ ₦8,500 ló wọ àkáǹtì rẹ̀, torí wọ́n ti yọ èlé ṣáájú. Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, ₦10,000 ló san.

Owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ gan-an la fi ń ṣírò. Ẹ pín 1,500 sí ọ̀nà 8,500, ẹ ó rí ìdá 17.65 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 14 wà nínú ọdún ní ìgbà 26 ó lé díẹ̀, torí náà:

```
1500 / 8500 * 365 / 14 * 100 = 460
```

Ìdá 460 lọ́dún! Ká ní ìdá 30 ti báǹkì ni wọ́n fi yá a ní ₦8,500 yẹn fún ọjọ́ 14, èlé rẹ̀ kò ní tó ₦100. Bí báǹkì bá gba owó fọ́ọ̀mù, ẹ kà á mọ́ èlé kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Ẹni tó bá sì tètè san lọ́jọ́ 7, tí áàpù kò dín èlé kù fún un, ìlọ́po méjì ni tirẹ̀: ìdá 920.