Ẹ má tíì pa í-síìmù yẹn rẹ́

Èrò ọkàn mi lórí í-síìmù, síìmù tí kì í ṣe oníke, nìyí, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i: ìkánjú la fi ń ba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́. Èèyàn gba kóòdù í-síìmù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Adó-Èkìtì, ó ṣe síkáànì rẹ̀, fóònù kọ `No Service`. Kò ní mu omi tutù kan kó tó tẹ `Delete eSIM`, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Kóòdù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbà kó ṣiṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ tán. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kó tún wọ mọ́tò padà lọ tò sórí ìlà.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kàn ń kà wọ́n sí ẹyọ kan ni. Àkọ́kọ́: fóònù yín á gba fáìlì kékeré kan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, á tọ́jú rẹ̀ sínú ṣíìpù tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ìkejì: ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣí nọ́ńbà yín kúrò lórí síìmù oníke, á gbé e lé orí fáìlì tuntun yẹn. Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹ̀yin àti wáì-fáì yín ló wà. Ti ìkejì, ọwọ́ wọn ló wà, kò sì sí bọ́tìnì tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù tó máa bá wọn ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bá kọ̀, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni pé èwo nínú méjèèjì ló kọ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra nílé rárá, ẹ tẹ `*#06#` bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Tí `EID` bá hàn pẹ̀lú nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n tó fi 89 bẹ̀rẹ̀, fóònù yín ní ṣíìpù náà. Tó bá jẹ́ `IMEI` nìkan ló hàn, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Áífóònù ti gba í-síìmù láti orí iPhone XR àti XS tó jáde ní 2018, àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, tó ń gba síìmù oníke méjì, kò ní in, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Èyí tó tún ń mú èèyàn ni fóònù tòkunbọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òkè òkun ṣì tì pa. Lórí áífóònù, ẹ wọ `Settings`, `General`, `About`, kẹ́ ẹ wá `Carrier Lock` lọ. `No SIM restrictions` ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí nǹkan mìíràn bá wà níbẹ̀, í-síìmù lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, fóònù á wá kọ `SIM Not Supported`. Ẹni tó tà á fún yín lè ní "ṣíìpù ló ń lò, kò sí wàhálà." Wàhálà wà. Ṣíìpù tí wọ́n ń sọ yẹn, abẹ́ síìmù oníke ló ń jókòó sí láti fi tan fóònù jẹ. Í-síìmù ò ní abẹ́ tí nǹkan lè jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan láti Ọ̀mùò-Èkìtì. iPhone 13 ló ń lò, `No SIM restrictions` ló wà ní `Carrier Lock` rẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní. Ó lọ sí Adó, ó fún wọn ní NIN rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fún un ní bébà tí kíú-áà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ ṣe síkáànì rẹ̀, nọ́ńbà á wọlé láìpẹ́. Ó ká bébà sápò, ó wọ mọ́tò. Kí mọ́tò tó dé Ìkọ̀lé, síìmù oníke ti kú. Ó délé, ó fẹ́ ṣe síkáànì, kò sí dátà: nọ́ńbà tí ì bá fi rí dátà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yẹn.

Ó yá họ́tísípọ́ọ̀tì aládùúgbò. Ó wọ `Settings`, ó wọ `Cellular` (tí èdè fóònù bá jẹ́ ti ìlú ọba, `Mobile Service` ni yóò rí), ó tẹ `Add eSIM`, lẹ́yìn náà `Use QR Code`, ó gbé kámẹ́rà sórí bébà. Lórí Samsung, `Settings`, `Connections`, `SIM manager`, `Add eSIM` ni. Fóònù rò ó títí, ó ní `Unable to Activate eSIM`.

Níbí, a ṣì wà lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí ó ṣí ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ná, kó rí i pé họ́tísípọ́ọ̀tì yẹn ní dátà nínú lóòótọ́. Wáì-fáì tó so mọ́ fóònù láìsí dátà lẹ́yìn rẹ̀ ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Kó pa VPN tó bá ń lò ó. Kó wá yẹ ọjọ́ àti aago wò: `Settings`, `General`, `Date & Time`, kó tan `Set Automatically`. Àwọn èèyàn máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù kì í gba fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìkọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò, ìwé ẹ̀rí yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Fóònù tí aago rẹ̀ ti sáré lọ tàbí tó ti rẹ̀yìn á ka ìwé ẹ̀rí tó dáa sí ayédèrú. Lẹ́yìn èyí, kó pa fóònù, kó tan án, kó tún ṣe síkáànì. Bí fáìlì ò bá tíì wọlé tán, kóòdù yẹn ṣì dáa.

Tí bébà bá ti rún nínú àpò tí kámẹ́rà ò sì rí i kà, ẹ jẹ́ kí fóònù mìíràn kà á, kó sì gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Báyìí ló máa ń rí:

```
LPA:1$smdp.example.com$ABCD-1234-EFGH
```

Àmì dọ́là ló pín in. Lórí áífóònù, ẹ tẹ `Enter Details Manually`. Ti àárín lọ sí `SM-DP+ Address`, ti ìparí lọ sí `Activation Code`, ẹ fi `LPA:1` sílẹ̀. Lórí Samsung, gbogbo rẹ̀ pátá lẹ máa kọ sójú kan. Ẹ má fi àlàfo kankan sí i, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún òdo àti lẹ́tà O.

Ká ní ohun tó kọ ni pé kóòdù kò wúlò mọ́, `This code is no longer valid` ńkọ́? Kó má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Kó padà sí `Cellular`, kó wò ó bóyá í-síìmù náà ti wà nínú àwọn tó tò síbẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé fáìlì ti wọlé nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò, ìparí rẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì já lé lórí. Tó bá wà níbẹ̀, kó tan án ni, kò nílò síkáànì mọ́. Àfi tí kò bá sí níbẹ̀ ni ọ̀nà Adó tún kàn.

Ó ti wọlé báyìí, ó wà níbẹ̀, ó ti tan án, ó sì ń kọ `No Service`. Ibí gan-an ni ìka ti máa ń yún èèyàn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí, kò sí ohun tí pípa rẹ́ fẹ́ tún ṣe. Ká ní síìmù oníke ṣì ń pè ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò tíì ṣí nọ́ńbà kúrò lórí rẹ̀, ìdúró ló kù. Ṣùgbọ́n ti ẹni wa ti kú láti Ìkọ̀lé. Ohun tó yẹ kó wò báyìí ni `ICCID`, nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń dá síìmù kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó wà nínú `Settings`, `General`, `About`. Ti Nàìjíríà máa ń fi 89234 bẹ̀rẹ̀: 89 ni ti síìmù gbogbo àgbáyé, 234 ni tiwa. Kó fi fóònù aládùúgbò pe àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, kó má sọ pé "í-síìmù mi ò ṣiṣẹ́", nítorí wọ́n á kàn ní kó pa fóònù kó tan án ni. Kó sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ICCID tí nọ́ńbà mi wà lórí rẹ̀."

Tí ìparí tí wọ́n kà bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú fóònù rẹ̀, a ti rí olè. Orí fáìlì mìíràn ni wọ́n gbé nọ́ńbà náà lé. Ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló ṣì í. Àwọn ni wọ́n máa gbé e padà sórí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò nílò kóòdù mìíràn. Ká wá ní ó ti pa á rẹ́ ṣáájú kó tó pè? Fáìlì tí wọn ì bá gbé nọ́ńbà lé ti lọ nìyẹn, ohun kékeré ti di ńlá. Tí méjèèjì bá sì bára mu, kó ní kí wọ́n tún nọ́ńbà náà fi ránṣẹ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú bí ìṣẹ́jú kan, kó yọ ọ́.

Tó bá ń pè àmọ́ tí dátà ò lọ, kékeré nìyẹn. Kó wo `Cellular Data` bóyá síìmù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Lórí Ańdíróìdì, ẹ yẹ `Access Point Names` wò. Ti MTN ni `web.gprs.mtnnigeria.net`.

Ní tèmi o, ẹni tí fóònù rẹ̀ ṣì ní ihò síìmù kò yẹ kó gbé nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ sórí í-síìmù, pàápàá tí kò bá gbé Adó. Tí ojú fóònù bá fọ́ lálẹ́, síìmù oníke á wọ fóònù mìíràn lójú ẹsẹ̀. Í-síìmù ò ní lè wọ ibì kankan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nọ́ńbà kejì ni kẹ́ ẹ fi dánrawò. Bí ẹ bá sì lọ gbà á, ẹ mú fóònù kejì tó ní dátà dání, ẹ ṣe síkáànì níwájú wọn, kẹ́ ẹ má kúrò lórí àga títí ẹnì kan á fi pe nọ́ńbà yín tí ìpè náà á sì wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀ fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé í-síìmù wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, áífóònù á bi wọ́n bóyá kóun fi í-síìmù sílẹ̀. Lórí Ańdíróìdì, àpótí `Erase eSIMs` ni wọn ò gbọdọ̀ fi àmì sí.