Irọ́ ni pé "ìgbéyàwó ni mò ń wá" máa ń lé ẹni gidi sá

Ìmọ̀ràn kan wà tí tẹbí tọ̀rẹ́ ń fún ẹni tó ń wá olólùfẹ́: má tètè sọ ohun tí ò ń wá. Wọ́n á ní bí obìnrin bá dárúkọ ìgbéyàwó kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọkùnrin á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n á ní bí ọkùnrin bá la ẹnu pé fàájì lásán lòun fẹ́, obìnrin tó níwà kò ní wo apá ibi tó wà mọ́, nítorí náà kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ìfẹ́ wọra. Irọ́ ni. Àmọ́ ó ní nǹkan kan nínú tó jọ òótọ́, òun ló sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló lé ẹni àwọn sá léèrè ohun tí wọ́n sọ gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé "mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó" kọ́ ló jáde lẹ́nu wọn. "Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́" ni wọ́n sọ, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra. Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ń sọ nípa ayé tirẹ̀, kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹni tó sọ ìkejì ti gbé ẹrù lé ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí. Ẹni tó bá lọ́pọlọ á bi ara rẹ̀ pé: ẹni tí kò tíì rí ìbínú mi, tí kò mọ bí mo ṣe ń náwó, tí kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mo fẹ́ bímọ, kí ló rí lára mi tó fi pinnu? Ibi tí ọkàn rẹ̀ máa bà lé ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wà nítòsí ni wọ́n ìbá sọ ọ́ fún. Ìyẹn ló ń lé e sá.

Ní 2007, àwọn olùwádìí ìwà ẹ̀dá, Paul Eastwick, Eli Finkel àti àwọn akẹgbẹ́ wọn méjì tẹ ìwádìí kan jáde tó fara pẹ́ èyí. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ, ọkùnrin kan àti obìnrin kan á jókòó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 4, wọ́n á sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ẹnì kan pàtó ju àwọn yòókù lọ, onítọ̀hún sábà máa ń fẹ́ràn rẹ̀ padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí gbogbo wọn, wọn kì í sábà fẹ́ ẹ, wọ́n sì ti ń fura sí i láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ń wádìí o, n kò sì ní fi kún un. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé imú èèyàn tètè máa ń gbóòórùn ẹni tó kàn ń wá ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 32 kan, tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tó sì fẹ́ bímọ. Orí Hinge, áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́, ló ti ń wá ẹni. Áàpù náà ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí èèyàn ń wá, ó sì yan `Life partner`. Ó dáa, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ kì í wo ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń yan èyí tí wọ́n rò pé yóò fa ojú mọ́ra. Ó ṣì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó máa sọ ọ́, ìjà tí wọ́n ti bá a jà sẹ́yìn ló bá a débẹ̀, ló bá kọ ọ́ báyìí:

"Mi ò ní àkókò tí mo fẹ́ fi ṣòfò o. Tí o kò bá ṣetán láti fẹ́ ìyàwó, má wulẹ̀ dá mi lóhùn."

Ẹ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa lé àti ẹni tó máa kù. Ọkùnrin tó ń fara balẹ̀, tó fẹ́ ìyàwó lóòótọ́, á gbọ́ ìbínú tí kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀, á sì rọra yẹ̀ fún un. Ẹni tó fẹ́ tàn án jẹ kò ní ìṣòro kankan: wọ́n ti sọ ìdáhùn fún un. Á ní "èmi náà, ìgbéyàwó ni tèmi", ó bùṣe. Èyí ni mo rò pé àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Ìhalẹ̀ máa ń ṣẹ́ àwọn èèyàn gidi dànù, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́tàn kọjá. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà á wá ní òun sọ òótọ́, òótọ́ sì lé ẹni rere lọ.

Ká ní ó kọ ọ́ báyìí ńkọ́?

"Kí ọ̀rọ̀ wa tó jìnnà, mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo dúró. Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ bímọ, mi ò fẹ́ kó tún gba ọdún márùn-ún sí i. Mi ò tíì máa sọ pé ìwọ ni o, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọra ni. Ìwọ ńkọ́, kí ni ò ń wá lásìkò yìí?"

Ohun tó fẹ́ kò dínkù rárá, kódà ó pọ̀ sí i, nítorí ó ti dárúkọ ọmọ àti àsìkò. Ohun tó yí padà ni pé ó ti yọ ẹrù kúrò lórí ọkùnrin náà, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ẹ má fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ láé. Bí kò bá sí i, ìkéde lásán ni ẹ ṣe.

Ní ti àsìkò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn "báwo ni". Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fojú kan ara yín lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì wu ẹ̀yin méjèèjì pé kí ẹ tún ríra, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó ríra lẹ́ẹ̀kejì, tàbí níbẹ̀ gan-an. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan máa ń so èèyàn mọ́ra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Scott Stanley, Galena Rhoades àti Howard Markman, kọ nípa èyí ní 2006, nígbà tí wọ́n ń wo àwọn tó ń gbé pọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ kì í jókòó pinnu, wọ́n kàn ń yọ̀ wọ inú rẹ̀ ni: aṣọ díẹ̀ á kù sílé ẹnì kejì, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn náà owó ilé. Bó bá wá di pé kí wọ́n túká, ohun tí wọ́n máa pàdánù á ti pọ̀ jù, wọ́n á dúró pẹ̀lú ẹni tí wọn ì bá má yàn. Ẹni tó ń dúró kí ìfẹ́ wọra kó tó sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dúró dè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn tó fẹ́ fàájì ló máa ń dákẹ́ jù, torí wọ́n rò pé òótọ́ á jẹ́ kí wọ́n sùn lébi. Wọ́n á wá máa sọ pé "mi ò wá nǹkan tó le", ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kan pàtó, tí olùgbọ́ á fi ìrètí tirẹ̀ kún. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ á sọ pé òun kò wá ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ẹni yìí, á sọ bóyá òun ń rí àwọn ẹlòmíràn, á sì sọ pé bí ọkàn òun bá yí padà sí ibikíbi, òun á tètè wí. Kó sọ ọ́ kí wọ́n tó jọ sùn, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ẹni tó gbà láìmọ̀ kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí wọ́n sọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, ìwà lè tú ohun tí ẹnu ti so. Ẹni tó ní fàájì lòun fẹ́, àmọ́ tó ń pè láàárọ̀ lálẹ́, tó ń mú èèyàn lọ rí ìyá rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀, kò yẹ kó máa yani lẹ́nu bí ẹnì kejì bá gbàgbé ohun tó sọ. Ìwà ni wọ́n máa gbà gbọ́. Àwọn tó sì fẹ́ fàájì lásán náà pọ̀, tọkùnrin tobìnrin, èèyàn gidi sì ni wọ́n. Kò sídìí láti tan ẹni tí kò fẹ́ ẹ.

Ó ku ìdáhùn. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń kọ ìwé sí yín á dínkù, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Àwọn tí kò fẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ ló ń lọ. Nínú àwọn tó bá kù, ẹ máa wo ẹni tó fi nǹkan tirẹ̀ kún un. "Èmi náà fẹ́ ẹ, àmọ́ gbèsè kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ san tán ná" jẹ́ ìdáhùn. "Èmi kò tíì mọ̀, ọdún tó kọjá ni èmi àti ìyàwó mi pínyà" náà jẹ́ ìdáhùn, kódà bí kì í bá ṣe èyí tí ẹ fẹ́. Ẹni tó kàn gba ọ̀rọ̀ yín tó sọ ọ́ padà bó ṣe wà, ẹ bi í sí i: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa rẹ̀, kí ló kù kó tó ṣetán? Ẹni tó ti ronú sí i lóòótọ́ kì í ṣaláìní nǹkan sọ. Ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "kí ló ń lé ẹ?", ti dáhùn.

Èyí tó máa ń rú èèyàn lójú jù ni "ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná". Ó lè jẹ́ òótọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ yín lẹ́tọ̀ọ́ láti wò. Ẹ má jà sí i, ẹ má sì fún un ní gbèdéke. Inú ara yín ni kí ẹ mú ọjọ́ kan, bí oṣù méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì tún béèrè nígbà tó bá pé: "Ìgbà tá a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, o ní ká máa wò ó. Kí lo ti rí?" Bó bá ní nǹkan kan tó rí, rere tàbí búburú, ẹ lè jọ sọ ọ́. Bó bá tún ní ká ṣì máa wò ó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.