Títo fọ́tò léra kì í fi ìmọ́lẹ̀ kún un

"Tí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún fọ́tò ojú sánmà alẹ́ kan náà léra, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ìràwọ̀ tó farasin fi ń yọ."

Rárá o. Ìpíndọ́gba ni a sábà máa ń ṣe, ìmọ́lẹ̀ kì í sì yí padà níbẹ̀. Ariwo àwòrán, ìyẹn èérún wínníwínní tó bo òkùnkùn, ló ń dínkù.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà jẹ́ 200, ìkùukùu ìràwọ̀ kan jẹ́ 205, ariwo sì ń ta sókè-sódò ní nǹkan bí 20. Márùn-ún yẹn ti rì nìyẹn. Fọ́tò 16 á sọ ariwo di 5. Fọ́tò 100 á sọ ọ́ di 2. 200 àti 205 ò kúrò níbi tí wọ́n wà, àmọ́ ìyàtọ̀ wọn ti hàn. Ìgbà yìí la tó wá ń fa ìmọ́lẹ̀ sókè.

Ariwo tó ń yí padà láti fọ́tò dé fọ́tò nìkan ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Píksẹ́lì tó ń tàn pupa lójú kan náà ní gbogbo fọ́tò kò ní tipa títo léra lọ, àyàfi tí ẹ bá ń yẹ kámẹ́rà díẹ̀ láàárín fọ́tò kan sí èkejì.

Ẹ fojú ara yín rí i: nínú Siril, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to fọ́tò ojú sánmà léra, ẹ fa àpótí kékeré sójú ibi tó ṣókùnkùn tí kò ní ìràwọ̀, kí ẹ ṣí Statistics. Mean, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú àpótí náà, ti fọ́tò kan àti ti àwòrán tí a tò léra á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Sigma, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ni yóò já wálẹ̀.