Mí mí re mí ni, kì í ṣe mí mí re dò

Ẹni tó bá ti jókòó sí ìsìn ìsìnkú nílẹ̀ Yorùbá rí ti gbọ́ orin náà: "Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ lẹ́ tán." Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ bí olùkọ́ ṣe ń fi àmì ohùn kọ́ ọmọ iléèwé. Wá, bá, mi, gbé: mí, mí, re, mí. Ẹ wá gbọ́ ohùn tí dùùrù ń lù sí i. Tí a bá fi sọ́ọ̀fà kọ ọ́ sílẹ̀, mí, mí, re, dò ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ inú ohùn orin náà bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Ibi tó ti di "gbé" ni ohùn ti já lulẹ̀, tí "gbé" di "gbè". Ẹni tó ń bẹ Olúwa pé kó wá bá òun gbé nígbà tílẹ̀ ń ṣú, ẹnu rẹ̀ ti ń sọ pé kí Olúwa wá bá òun gbe orin.

Ìdajì ìlà tó tẹ̀ lé e kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Alẹ́" bọ́ sí i, ṣùgbọ́n oríire lásán ni: sò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, là ló tẹ̀ lé e, ohùn sì gòkè bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, "fẹ́rẹ̀" tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ dúró sójú kan, "lẹ́ tán" tó yẹ kó dúró lókè sì ń rọra yọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nígbà náà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn Sàró tó ti ń kọ orin ìsìn ní Fìrìtáùn wà láàárín àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Ohùn orin ti wà nílẹ̀ látòkè òkun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n ń wá tí yóò kún un. Ohun tí olùtumọ̀ ń kà ni iye sílébù: bí ohùn bá jẹ́ mẹ́wàá nínú ìlà kan, sílébù gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ tún ka ìlà tí a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé mẹ́wàá géérégé ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè ju iye yẹn àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Yorùbá ń béèrè ohùn, ohùn ni wọ́n sì gbàgbé. Ohun tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa lórin nígbà yẹn náà ni àwọn olùkọ́ wa fi ń dárúkọ àmì ohùn títí di òní. Irinṣẹ́ tí à bá fi mú àṣìṣe náà ti wà lọ́wọ́ wa látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan tètè fi etí sí i. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì ń fi irú ohùn tí ará ilé mọ̀ kọ orin ìsìn, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti ọ̀ràn náà bí oníṣẹ́ ọwọ́ ni Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó sì di ọ̀gá orin ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó láti 1914 títí di 1962. Ní 1953, ó tẹ ìwé kan lórí orin Yorùbá, tó sì ń ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin ṣe jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ rèé. Akọrin kì í kọ́kọ́ wá ohùn orin. Yóò pe ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, yóò wo ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀, yóò wá tẹ́ ohùn orin lé e. Kò pọn dandan kí mí máa jẹ́ ohùn kan náà nígbà gbogbo. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí sílébù tó ga ju ti iwájú rẹ̀ lọ má ṣe já sísàlẹ̀ rẹ̀ nínú orin. Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú ni ti ẹsẹ orin. Ohùn tó bá ẹsẹ kìíní mu kò ní bá ẹsẹ kejì mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lílé àti ègbè ti àwọn baba wa ti tán ìyẹn tipẹ́: ẹni tó ń lé orin máa ń yí ohùn padà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe yí, ègbè nìkan ni kì í yẹ̀.

Ìṣòro kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì tíì rí ẹni tó tán an pátá. Òfin orin olóhùn mẹ́rin tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá máa ń fẹ́ kí báàsì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ohùn òkè bá ń gòkè. Àwọn tó wà lókè yóò sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì sọ nǹkan mìíràn ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí gbogbo ohùn bá jọ ń gòkè, tí wọ́n jọ ń sọ̀, bí àgbà àti ọmọdé ṣe máa ń kọrin pọ̀ lójú agbo, ọ̀rọ̀ yóò yéni. Ṣùgbọ́n olùdánwò orin òyìnbó yóò fi tádàwá pupa fa ìlà sí i. Akọrin tó bá fẹ́ kọ orin Yorùbá ní láti mọ ìgbà tí yóò ṣẹ̀ sí òfin yẹn.

Ọmọ agbo akọrin Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, kí àwọn orin rẹ̀ tó di ohun tí wọ́n ń lù nílẹ̀ òkèèrè. Nínú iṣẹ́ tó kọ fún dùùrù, bí "Ọyígíyigì", kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀rọ̀ kankan, síbẹ̀ ẹni tó mọ orin náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì A. T. Ọlájídé Olúdé náà kọ "Jésù, a fẹ́ pàdé" ní 1949, orin ọ̀hún sì bọ́ sínú ìwé orin tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 1989. Ohùn Yorùbá kò dí i lọ́nà.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìwé orin wa máa ká wa lára. Wọ́n á tún ìwé tẹ̀, wọ́n á yí èèpo rẹ̀ padà, àmì ohùn inú rẹ̀ ò ní tó nǹkan, ohùn orin ò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Orin tuntun tí wọ́n bá fi kún un tún lè jẹ́ ìtumọ̀ tí wọ́n ka sílébù rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Bí a bá sọ ọ́, èsì tí à ń gbọ́ ni pé gbogbo ènìyàn mọ ohun tí orin ń wí. Òótọ́ ni, àgbà mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún méje tó ń fi etí kọ́ orin, ohun tó gbọ́ ló ń kọ.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni gba "Wá bá mi gbé" lẹ́nu opó. Orin náà ti di tiwa, ẹkún tí a ti sun sí i ti pọ̀ jù. Èyí tí a tako ni kí a tún máa ṣe irú rẹ̀ mìíràn lónìí. Kí ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi má ṣe gba orin Yorùbá tuntun kankan sínú ìwé láìjẹ́ pé olùkọ́ èdè Yorùbá kan àti ẹni tó mọ sọ́ọ̀fà dáadáa ti jókòó pọ̀, tí wọ́n pe ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ síra wọn létí. Kí wọ́n tẹ sọ́ọ̀fà sórí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Níbi ìdíje àwọn akọrin, kí orin tí ọmọ Yorùbá kọ sí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà lára orin tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ, dípò kó jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń dárayá lẹ́yìn Handel. Kí àwọn ọ̀gá akọrin sì ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn dùùrù wọn kí òjò tó ń jò tó ṣí i: àwọn orin tí àwọn tó ti kú fi ọwọ́ kọ wà níbẹ̀, òmíràn nínú wọn kò sì ní ẹ̀dà kejì níbikíbi.