Kò Tíì Kan Fọ́tò

Àìsàn tuntun kan ń bá àwọn ọmọge tó ń tajà lórí Instagram ní Ìlọrin fínra. Ẹ ó rí i kí aláìsàn náà na fóònù síwájú, kó di ojú kan, kó wá máa bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gíríìdì mi báramu?" Èyí tó ń gbé àdúgbò wa ń ta aṣọ òkè. Ó ní sányán, ó ní ẹtù, ó ní àlàárì tó pupa dòò. Àmọ́ ẹ má bi í léèló, torí kò ráyè. Ó ń rò ó bóyá ọ̀rọ̀ ni kí òun fi ṣe sílàìdì àkọ́kọ́, ìyẹn àwòrán tó ṣíwájú nínú àwọn tó jọ wà nínú pósítì kan, tàbí fọ́tò.

Kì í kúkú ṣe pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n wá. Ojú méjì ni sílàìdì àkọ́kọ́ ní. Ẹni tó ti fólò yín máa ń rí i gbàǹgbà, ó kún ojú fóònù. Àjèjì tí wọ́n júwe yín fún, ojú ìwé yín ló ń kọ́kọ́ já sí, níbi tí fọ́tò mẹ́ta-mẹ́ta ti tò sórí ìlà, ìyẹn gíríìdì. Ìdámẹ́ta ìbú fóònù ni ẹyọ kan wá kù sí níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ibẹ̀ ni aláṣọ wa ti rí ogun. Ó fẹ́ kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń mọ sányán, ló bá kọ ọ́ síwájú pé: "Bí ẹ ṣe lè mọ ojúlówó sányán yàtọ̀ sí ayédèrú kí ẹ tó kówó yín fún ẹnikẹ́ni." Lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́ tó rí kólokòlo ló fi kọ ọ́. Nínú gíríìdì, eèrà tó tò lórí ògiri ni.

Mo ní, "Ìyá Aláṣọ, kọ 'Sányán tàbí ayédèrú?' kó tóbi, ìyókù á wà ní sílàìdì kejì." Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò ní kíláàsì mọ́ nìyẹn."

Ó bá sá tọ fọ́tò lọ. Ẹtù ló tẹ́ kalẹ̀ látòkè délẹ̀, ó yà á látọ̀ọ́kán. Aró ẹtù ti dúdú tẹ́lẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò sì hàn mọ́ nígbà tí fọ́tò kéré. Bí iná NEPA bá lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni gíríìdì rẹ̀ ṣe rí. Ká ní ó sún mọ́ igun aṣọ náà ni, kó ya etí rẹ̀ níbi tí ìlà ti hàn, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé aṣọ ni. Ohun títà ló yẹ fọ́tò, ẹ̀kọ́ ló yẹ ọ̀rọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́?

Àwọn tó ti tò ó dáadáa pàápàá, Instagram fojú wọn rí nǹkan ní oṣù kìíní ọdún 2025. Gíríìdì tó dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́lẹ̀ ṣàdédé gùn sókè, ìbú mẹ́ta sí gíga mẹ́rin. Sílàìdì onígun dídọ́gba tó jẹ́ 1080 sí 1080 pàdánù píkísẹ́ẹ̀lì 135 lápá ọ̀tún, 135 lápá òsì. Ẹni tó kọ "AṢỌ ÒKÈ GIDI" kún ìbú wá ń polówó "ṢỌ ÒKÈ GID". Èyí tó jẹ́ 1080 sí 1350 kò fara pa tó bẹ́ẹ̀: bí 34 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. Kéèyàn ṣáà kó ọ̀rọ̀ sáàárín, ó tán.

Aláṣọ wa kò kó o sáàárín. Ètò tuntun ló gbé dé: ọ̀rọ̀ kan, fọ́tò kan, ọ̀rọ̀ kan, fọ́tò kan. Torí pé mẹ́ta ló wà lórí ìlà, ó di dúdú-funfun fúnra rẹ̀ bíi pátákó dráàfù, ó sì rẹwà lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fọ́tò méjì kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màmá kan pè é láti Ọ̀fà. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fẹ́ rí àlàárì tó wà nílẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú, kò tíì kan fọ́tò. Ọ̀rọ̀ ló kàn, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá kọ."

Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé ara rẹ yá?" Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wọkọ̀ lọ Ọjà Ọba.

Ọjọ́ Àìkú ló wá rí ọ̀rọ̀ kọ: "A ní àlàárì." Lẹ́tà funfun ló fi kọ ọ́ sórí àwọ̀ ẹyin, torí àwọ̀ yẹn ló bá ìyókù mu.