Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí

Inú ń bí mi láti àárọ̀. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun gbádùn ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Abẹ́òkúta, pé iṣẹ́ mi wú òun lórí púpọ̀, kí n jọ̀ọ́ bá òun wá ibi tí òun ti máa kọ́ṣẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta rí. Èmi àti ẹni tó sọ ọ́ kàn jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Fídíò ọ̀rọ̀ náà wà níta. Ká ní ó ṣí i wò fún ìṣẹ́jú kan, ì bá rí i pé èmi kọ́.

Àwọn kan á ní ọmọdé ni, kí n fojú fò ó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi du ẹni tó kọ ọ́.

Àbúrò mi kan ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì níbí ní Ìlọrin. Amọ̀kòkò ni ìyá àgbà rẹ̀, ní Dàda, Òkèlele. Ọmọ yìí fẹ́ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun sọ̀rọ̀, ẹni tó kọ ìwádìí lórí àfọ́kù ìkòkò àtijọ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ sà, gbogbo iṣẹ́ yín ni mo máa ń kà." Oṣù méjì kọjá, kò sí èsì. Mo bi í pé, "Èwo lo kà nínú wọn?" Ó dákẹ́.

A jọ jókòó tì í. A ṣí ojú ìwé ọkùnrin náà lórí Google Scholar, mo sì ní kó tẹ YEAR, nítorí iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí jù ló máa ń wà lókè, kì í ṣe tuntun. Ìgbà náà la rí i pé iṣẹ́ tó ń yìn ti pé ọdún méjìlá. Ìdàrọ́ ni ọkùnrin náà ń yẹ̀ wò báyìí, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ dà nù. Oko tí ẹni ẹlẹ́ni ti fi sílẹ̀ lọmọ yìí ń bá a kí.

Lẹ́yìn náà ló wá fídíò ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí YouTube. Mo ní kó má dúró lágbedeméjì, kó gbọ́ ọ dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ìbéèrè, torí ibẹ̀ ni onímọ̀ ti máa ń sọ ohun tó ṣì ń dààmú rẹ̀. Ẹnì kan bi í nípa ìkòkò. Ó ní ohun kan wà tí òun kò yanjú: dúdú dídán tó wà lára àwọn àfọ́kù kan, tí kò wọnú amọ̀ rárá, tí òun kò gbà pé èéfín nìkan ló fà á.

Àbúrò mi fò dìde. Ìyá àgbà rẹ̀ máa ń se èèpo èso igi igbá, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, yóò sì wọ́n omi rẹ̀ sára ìkòkò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná. Níbẹ̀ ni ìkòkò ti ń dúdú tó sì ń dán.

Mi ò jẹ́ kó kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn. Mo bi í bóyá ìkòkò gbọ́dọ̀ ṣì gbóná. Ó mọ ìyẹn. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń rẹ èèpo náà sómi pẹ́ tó. Kò mọ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá bi í ní ìbéèrè kejì, tí kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀, àjọṣe kankan kò tíì sí láàárín wọn. Ó lọ sí Dàda, ó jókòó ti ìyá náà, ó rí i pé wọ́n ń rẹ ẹ́ mọ́jú kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ó tún rí ohun mìíràn: ọkùnrin náà ti kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ pé ìyá òun kú. Baba àbúrò mi náà ti kú, ó sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Òótọ́ ni, wọ́n jọ ní i. Síbẹ̀ mo ní kó pa á rẹ́. Ìbéèrè tó bi gbogbo èèyàn látorí pèpéle, ẹnikẹ́ni lè dáhùn rẹ̀. Ẹkún rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sun ún fún.

Gbólóhùn márùn-ún ni lẹ́tà kejì, ohun kan ṣoṣo ló sì béèrè: ṣé èyí jọ ohun tí ẹ rí? Ọjọ́ kẹrin, èsì dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń wọ́n omi náà sínú ìkòkò pẹ̀lú.

Ọmọ sáré lọ bá ìyá àgbà, ó ka èsì náà fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n nu amọ̀ ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "O ti tẹ́tí sí ọkùnrin yìí títí o fi mọ ohun tó ń wá. Ó dáa. Èmi ńkọ́? Ta ló bi mí kí o tó lọ sọ ohun tí mò ń ṣe nídìí iná mi?"

Lánàá ló wá bi mí bóyá kóun dáhùn ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí kóun dúró. Mi ò tíì mọ ohun tí n óò sọ fún un.